Kọfí Tó Kan Lákòókò Igogo

Bí ẹnikẹ́ni bá da epo sí mi láṣọ, ariwo ni màá kọ́kọ́ pa, lẹ́yìn náà ni màá tó wo aṣọ ọ̀hún bóyá epo náà tilẹ̀ pọ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, àwọn ọmọ ilé ìwé tí mo kọ́ ní Ọ̀wọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì lè jẹ́rìí sí i. Màmá Agatha kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. A ti ń jókòó sórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ọ̀kà Àkókó wá síbí, n kò sì tíì gbọ́ kó gbóhùn sókè sí ènìyàn rí. Nígbà kan, mo rò pé ojo ni. Ọdún tó kọjá ni mo tó rí i dájú pé èmi gan-an ni n kò mọ ohun tí mò ń wò.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé ni. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ṣe, níbi tí àwọn ará ìlú ti máa ń mú ẹ̀dùn ọkàn wọn wá: ẹni tí ojú àgbàrá gba iwájú ilé rẹ̀, ẹni tí wọ́n gba ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ sí ìdí kànga. Púpọ̀ nínú wọn á dé pẹ̀lú ìbínú, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí itọ́ á fi gbẹ lẹ́nu wọn. Màmá Agatha á fún wọn lómi, á gbọ́ ọ tán, á wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbéèrè yẹn máa ń bá lójijì, nítorí ìbínú ni wọ́n gbé wá, wọn kò gbé ohun tí wọ́n ń tọrọ wá. Ìgbà tí wọ́n bá ronú tán ni yóò tó bá wọn kọ ọ́, ní ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá tó bá kà á kò fi ní lè bínú, tí kò sì ní lè sọ pé òun kò lóye.

Kò fi ìwà yìí sílẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin aránṣọ kan rán bùbá rẹ̀, apá kan gùn ju èkejì lọ. Ká ní èmi ni, gbogbo àdúgbò ni ì bá gbọ́ ọ. Màmá Agatha fi ìwé ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, ó dúpẹ́ fún ọrùn aṣọ náà tó rán dáadáa, ó sọ ti apá, ó sì bèèrè bóyá òun lè mú un wá lọ́la. Ọkùnrin náà kò dúró de ọ̀la. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé téèpù rẹ̀ wá sílé Màmá, tó ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mo jowú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ lè máa wò ó pé báwo ni ìyá àgbàlagbà ní Ọ̀wọ̀ ṣe di ẹni tó ń mu ẹsipirẹ́sò, kọfí dúdú kékeré tó nípọn yẹn, tí kò ní mílíìkì, tí kò ní ṣúgà. Ọkọ rẹ̀ ló kó o ràn án. Ignatius, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, mẹkáníìkì ni ní ilé iṣẹ́ àwọn ará Ítálì kan tó ń ṣe ọ̀nà nígbà náà. Àwọn òyìnbó yẹn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ láàárọ̀ bí wọn kò bá tíì mu ún, bẹ́ẹ̀ ni Ignatius náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí mu ún, tó sì gbé ìkòkò kékeré kan bọ̀ wálé tí wọ́n fi ń sè é lórí sítóòfù. Tọkọtaya náà á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn Máàsì, wọ́n á máa mu kọfí nínú ife tó kéré tó fi dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. Nígbà tí ọkọ kú, ìkòkò náà kò pẹ́ kó tó bàjẹ́. Kò wá òmíràn. Ó ní òun kò fẹ́ dá jókòó síbẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí Babájídé ṣí ilé kọfí sí ọ̀nà Ìkàrẹ́. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Babájídé, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló máa ń wá. Ó ra ẹ̀rọ ẹsipirẹ́sò àlòkù kan, ó kọ́ ọmọbìnrin kan bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó sì fi ilé náà sí i lọ́wọ́. Fàúsátù lorúkọ ọmọ náà, ọmọ Ìmorù ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ni. Oko ẹ̀gẹ́ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀. Ohun tó mú Fàúsátù wá sí Ọ̀wọ̀ ni pé ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Iṣẹ́ tó ń ṣe yìí ló fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, níbẹ̀ ló sì ti ń kàwé ìdánwò àtiwọlé náà nígbà tí ilé bá dá. Bí kò bá sí i, oko ẹ̀gẹ́ ló kù. Ó ti sọ ọ́ fún Màmá Agatha rí, ìyẹn ni èmi náà ṣe mọ̀.

Àwọn dókítà kékeré, àwọn àgùnbánirọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tíì ni wọ́n máa ń mu, tàbí kọfí tí mílíìkì àti ṣúgà ti bò mọ́lẹ̀. Màmá Agatha nìkan ló máa ń béèrè fún ẹsipirẹ́sò lásán. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn Máàsì àti ọjọ́rú ló máa ń lọ, ẹ̀bá fèrèsé ló sì máa ń jókòó sí. Mo máa ń bá a lọ, tíì ni mo ń mu ní tèmi. Mo ti tọ́ ẹsipirẹ́sò rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, mo ní ṣé agbo ni.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án dé, Igogo wọlé. Ẹni tí kò bá mọ Ọ̀wọ̀, kó mọ̀ pé nínú Igogo, wọn kì í lu ìlù nínú ìlú títí ọdún náà á fi parí. Agogo nìkan ni wọ́n ń lù. Àwọn ọkùnrin kì í dé fìlà, àwọn obìnrin kì í wé gèlè. Àlejò ni mo jẹ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn àkókò yẹn gan-an. Ìlú á dákẹ́ lọ́nà kan tí n kò lè ṣàlàyé, orí àwọn bàbá tí a kò mọ̀ pé ó ti pá á sì hàn síta.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú Igogo yẹn, Fàúsátù gbé ife Màmá Agatha wá. Màmá tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì fún díẹ̀. Ó mu ún dé ìdajì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, a sì lọ. Nígbà tó di ọjọ́rú, bákan náà ló tún rí. Mo wo inú ife náà fúnra mi. Tẹ́lẹ̀, ìfófó kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin máa ń wà lórí kọfí náà, tó nípọn débi pé bí ẹnikẹ́ni bá bu ṣúgà lé e, á dúró díẹ̀ kó tó rì. Lọ́jọ́ yẹn, kọfí náà ṣàn, àwọ̀ rẹ̀ ṣá, a sì ń rí ìdí ife kedere. Mo ní kó jẹ́ kí n tọ́ ọ wò. Ó kan bí ọsàn tí kò tíì pọ́n.

Ojú ẹsẹ̀ ni inú bí mi. Mo ní kó pe ọmọ náà. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, àwọn oníbàárà pọ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní ṣé owó ọ̀fẹ́ ni a fi ń mu omi kíkan ni. Mo ní bó bá jẹ́ èmi, màá ya fọ́tò ife náà, màá sì gbé e sórí Fésíbúùkù kí gbogbo ayé rí i. Màmá Agatha wò mí bó ṣe máa ń wo àwọn tó bá gbé ẹjọ́ dé ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà náà. Ó ní, “Ìyá Jonah, kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe?” Mo bá gbé tíì mi, mo mu ún.

Ọ̀la rẹ̀ ni mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ti wọ awò ojú rẹ̀, ó ń tẹ fóònù pẹ̀lú ìka kan. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó kà á fún mi kó tó fi ránṣẹ́ sí Babájídé lórí Wọ́sáàpù. Èyí ni ohun tó kọ:

“Ọ̀gá Babájídé, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọdún. Èmi ni Màmá Agatha tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Láti ìgbà tí ẹ ti ṣílẹ̀kùn ni mo ti ń mu ẹsipirẹ́sò yín, mo sì ń gbádùn rẹ̀ gan-an ni. Èyí tí mo mu lọ́jọ́ Àìkú àti èyí tí mo mu lánàá kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kan, wọ́n sì ṣàn bí omi, kò sí ìfófó lórí wọn. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, n kì bá tí sọ ọ́. N kò mọ ohun tó fà á, n kò sì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ bá mi wo ẹ̀rọ náà àti bí wọ́n ṣe ń lọ kọfí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣe ife kan mìíràn fún mi nígbà tí mo bá tún dé. N kò béèrè owó mi padà. N kò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, nítorí ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín.”

Mo ní irọ́ wà níbẹ̀, pé èmi ti mọ̀. Ó ní èmi kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo tún ní ọmọ tó tó àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ló ń pè ní ọ̀gá, tó ń bẹ̀ bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Ó ní, “Òun ni ọ̀gá ibẹ̀, àbí ìwọ lo ni ilé kọfí?” Ohun tí n kò kíyè sí lọ́jọ́ náà ni pé kò dárúkọ Fàúsátù níbì kankan nínú ìwé yẹn. Ó ti rí i pé bí òun bá dárúkọ ẹnì kan, ẹni yẹn ni wọ́n á máa wò, wọn kò ní wo kọfí mọ́.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Babájídé bẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀bẹ̀ náà gùn ju ìwé Màmá lọ. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ pé òun ti pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù, òun bi í ní ohun tó ṣe kọfí náà, kò sì rí nǹkan kan sọ ju “ẹ jọ̀ọ́ sà” lọ. Ó ní ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà ti sú u nìyẹn. Ó ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, pé bí òun bá ti dé lọ́jọ́ Sátidé, òun á ní kó máa lọ sílé, òun ti rí ẹlòmíràn.

Mo rò pé inú Màmá Agatha á dùn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé itan. N kò rí i kí ojú rẹ̀ bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́yìn ìgbà tí Ignatius kú. Ó ní, “Nítorí ife kọfí mi ni ọmọ ọlọ́mọ á ṣe padà sóko.” Mo gbìyànjú láti tù ú nínú, mo ní òun kọ́ ló lé e. Ó ní òun ló kọ̀wé, òun ló sì gbọ́dọ̀ parí ohun tí òun bẹ̀rẹ̀.

Ó pe Babájídé. Kò bá a jà. Ó dúpẹ́ pé ó tètè fèsì, ó wá rán an létí pé ohun méjì ni òun tọrọ: kó yẹ ẹ̀rọ wò, kí wọ́n sì ṣe ife mìíràn. Ó ní kò tíì ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ohun tí òun kò tọrọ ló fẹ́ fún òun. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì bá ọmọ náà sọ nǹkan kan títí òun á fi dé lọ́jọ́ Sátidé, kí Fàúsátù fúnra rẹ̀ ṣe kọfí náà níṣojú gbogbo wa. Ẹ gbọ́, ta ló fẹ́ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu? Babájídé ní ó dáa.

Nígbà tí a dé ibẹ̀ ní Sátidé, Babájídé ti ń yẹ ẹ̀rọ wò. Ó ṣe é dáadáa, n kò ní pa irọ́ mọ́ ọn. Ó fi àpò kọfí hàn wá, irú èyí tó ń rà tẹ́lẹ̀ ni, wọn kò sì tíì pẹ́ sun ún. Kò sí ẹni tó yí bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ̀ ọ́ kúnná padà. Ó ti tan ẹ̀rọ náà láti ìgbà tó ti dé, ó ti gbóná dáadáa, iná ọba sì wà. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà. Ìyẹn ni pé ọwọ́ Fàúsátù ló kù. Ọmọ náà dúró sí ẹ̀yìn káńtà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mọ ìdí tí a fi wá.

Pa Olúgbádé wà ní igun rẹ̀ bó ṣe máa ń wà, ó gbé ìwé ìròyìn sójú, orí rẹ̀ tí kò dé fìlà sì ń dán. Ẹ̀gbọ́n Màmá Agatha ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́ ló ti fẹ̀yìn tì, àárọ̀ gbogbo ló sì ń wá mu tíì níbẹ̀. Àgbà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ní àdúgbò wọn ni, tí ọ̀rọ̀ Igogo kò ṣókùnkùn sí. Tàwọn méjèèjì bá pàdé, èdè Ọ̀wọ̀ ni wọ́n máa ń kó bo ara wọn, wọ́n á sì fi èmi tí mo ti gbé ìlú yìí pẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kí ara wọn, Pa Olúgbádé sì padà sí ìwé ìròyìn rẹ̀.

Màmá Agatha sún àga rẹ̀ mọ́ káńtà. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Fàúsátù pé kó ṣe ẹsipirẹ́sò kan fún òun, kó ṣe é bó ṣe ń ṣe é láti bí ọjọ́ mélòó kan, kó má yí nǹkan kan padà nítorí pé a ń wò ó. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ rí ohun tí a rí. Ẹ̀rọ tó ń lọ kọfí náà ní ọwọ́ irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá fà á dópin, á dún “kọ̀”, ìwọ̀n kọfí lílọ̀ kan á sì bọ́ sínú abọ́ irin kékeré onídìí-ajọ̀ tó ní ọwọ́. Wọ́n á fà á lẹ́ẹ̀kejì kí abọ́ náà tó kún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó le, wọ́n á sì kì í bọ ẹ̀rọ ńlá. Fàúsátù fi ìka méjì mú ọwọ́ irin náà bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹyin lábẹ́ adìyẹ. Ó fà á díẹ̀, kò jẹ́ kó dópin, ó sì rọra dá a padà kó má ba à dún. Ó tún un ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bọ́ sínú abọ́ kò dé ìdajì. Ó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí yóò tẹ̀ kò pọ̀. Bó ṣe tẹ ẹ̀rọ báyìí, omi gba àárín kọfí díẹ̀ yẹn kọjá wìì, kò rí ohun tó dá a dúró. Ife kún kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣá, ó sì pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí Màmá Agatha tẹjú mọ́ ọn. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni Fàúsátù máa ń gbá abọ́ irin náà mọ́ igi tó wà lórí àpótí ìdọ̀tí, “gbà, gbà,” kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí tó wà nínú rẹ̀ lè bọ́ lódindi bí àkàrà. Lọ́jọ́ yẹn, ṣíbí ló mú, ó ń fi í kó o jáde díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe àkàrà ló wà níbẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ ni, nítorí omi ti pọ̀ ju kọfí lọ.

Babájídé la ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá Agatha gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ láti dá a dúró. Ìyá náà wá bi ọmọ náà pé, “Fàúsátù, ta ni o kò fẹ́ kó gbọ́ ìró ẹ̀rọ yìí?”

Gbogbo wa ni ìbéèrè yẹn bá lójijì. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìgbà tó sinmi ẹkún ló tó wí. Ó ní nígbà tí Igogo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun ń ṣiṣẹ́ lọ bí òun ṣe máa ń ṣe, òun ń fa irin, òun ń gbá abọ́, àgbà kan sì bi òun pé ìlù ta ni òun ń lù nínú Igogo. Ó ní òun wo ojú àgbà náà, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ará ilé wọn ní Ìmorù ti kìlọ̀ fún òun kí òun tó máa bọ̀ wá pé kí òun má ba ọdún onílẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rù wá ń bà á, ó ń wá bí kò ṣe ní sí ìró kankan nídìí ẹ̀rọ. Mo béèrè pé kí ló dé tí kò sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun kì í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀, bí òun bá sọ ọ́, á rò pé àwáwí ni, bó bá sì ní kí òun máa lù ú lọ, òun ni wọ́n á mú, wọn kò ní mú ọ̀gá. Àwọn tó ń mu kọfí oní-mílíìkì kò ráhùn, wọ́n kàn ń tú ṣúgà sí i, ó sì rò pé kò ṣe nǹkan.

Kò dárúkọ àgbà náà. Kò tilẹ̀ wo igun ọ̀hún. Ìwé ìròyìn ló fúnra rẹ̀ balẹ̀. Pa Olúgbádé ti dìde, ojú rẹ̀ kò sì rí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sí. Ọkùnrin yìí ni irú aláwàdà tí kì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀, gbogbo wa tí a mọ̀ ọ́n la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìmorù kò mọ̀ ọ́n.

Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kan fún Màmá Agatha ní èdè wọn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, Màmá sì mi orí. Ó wá yíjú sí ọmọ náà, ó sì sọ̀rọ̀ lọ́nà tí gbogbo wa fi lè gbọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ìlù ni a kì í lù. Bí gbogbo ohun tó ń dún bá di ìlù, ta ni ì bá máa gúnyán fún wa jẹ látìgbà tí Igogo ti bẹ̀rẹ̀? Àwàdà ni mo ṣe, n kò sì ronú pé àlejò ni ọ́. O bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ wa ju àwọn ọmọ wa lọ. Má bínú sí mi.”

Mo ti mọ Pa Olúgbádé pẹ́. N kò gbọ́ ọ rí kó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má bínú, ká má tíì sọ ọmọdé. Fàúsátù ti kúnlẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ gbé e sórí Fésíbúùkù ń wá ibi tí màá fojú sí. Babájídé fọwọ́ nu ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń láàgùn, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ kò gbóná.

Màmá Agatha nìkan ni kò gbàgbé ohun tó bá wá. Ó ní òun ṣì ń retí ife òun. Fàúsátù fọ ọwọ́, ó nu abọ́ irin náà gbẹ. Ó wo Pa Olúgbádé lẹ́ẹ̀kan sí i, bàbá náà sì mi orí sí i pé kó máa ṣe é lọ. Ó wá di ọwọ́ irin náà mú dáadáa, ó fà á. “Kọ̀.” Ó tún fà á. “Kọ̀.” Abọ́ kún. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo apá, ó sì kì í bọ ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, a dúró díẹ̀ kí ohunkóhun tó jáde. Kọfí náà wá ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ó tín-ín-rín bí ìrù eku, ó dúdú, lẹ́yìn náà ó pọ́n bí oyin. Ìfófó náà bo orí ife náà. Nígbà tó yọ abọ́ náà, ó gbá a mọ́ igi, “gbà, gbà,” kò sì sí ẹni tó yíjú wò ó. Àkàrà rẹ̀ bọ́ lódindi.

Màmá Agatha tọ́ ọ wò. Ó mu ún tán, ó gbé ife kalẹ̀. Ó ní kò kan mọ́. Ó sì yíjú sí Babájídé, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Mo ti rí ohun tí mo tọrọ gbà. Kò ku nǹkan kan.” Ó tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn díẹ̀, ọkùnrin náà sì lóye. Ó ní kò sí ẹni tó ń lọ sílé. Ó ní bí nǹkan bá tún ba Fàúsátù lẹ́rù, kó pe òun, bó ti wù kí nǹkan náà kéré tó, òun kò ní pè é ní àwáwí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tún bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó wọ awò ojú, ó ń tẹ fóònù. Mo ní kí ló tún bàjẹ́. Ó ní kò sí ohun tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n òun kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sí ìdajì. Ní ọ́fíìsì wọn nígbà náà, bí wọ́n bá ti tún ọ̀nà kan ṣe, òun ló máa ń kọ̀wé sí àwọn tó tún un ṣe láti dúpẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó na fóònù sí mi kí n kà á.

“Ọ̀gá Babájídé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹsipirẹ́sò tí mo mu lónìí dára ju gbogbo èyí tí mo ti mu nílé yín lọ. Ó rán mi létí ọkọ mi. Fàúsátù ló ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ìwé àkọ́kọ́, tí kò sí orúkọ Fàúsátù nínú rẹ̀. Mo dá fóònù náà padà fún un. Ó fi ránṣẹ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ṣé màá jẹ ẹ̀pà.

Fàúsátù wọ ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́dún yìí. Ẹlòmíràn ló ń ṣe kọfí báyìí, Fàúsátù fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ẹni náà kó tó lọ. Bí mo bá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú tíì mi, tí mo gbọ́ “kọ̀” náà lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń wo Màmá Agatha. Kì í wò mí padà. Ife rẹ̀ ló ń retí.